Fọ́tò Àǹkárá Mẹ́rin fún Aṣọ Ẹbí Kan: Bí A Ṣe Yan Aṣọ Ọjọ́ Ìbí Ìyá Wa

Ìyá wa fẹ́ pé ẹni ọdún 70, Ìbàdàn la sì ti fẹ́ ṣe ayẹyẹ rẹ̀. Àwọn ọmọ, ìyàwó ilé, àna àti ọmọ-ọmọ tó máa wọ aṣọ kan náà lé díẹ̀ ní 20. Àǹkárá la fohùn ṣọ̀kan sí, nítorí oòrùn ọ̀sán àti nítorí pé kò sẹ́ni tí owó rẹ̀ kò ní ká a. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó ń gbé Ìbàdàn lọ bá ìyá aláṣọ kan ní Gbági. Àbúrò ìyá wa, tí gbogbo wa ń pè ní Mọ̀mí Èkó, ń yẹ ọjà wò ní Balógun. Àwọn méjèèjì ń fi fọ́tò ránṣẹ́ sórí Wáàsáàpù ẹbí. Òṣogbo ni èmi ń gbé, iṣẹ́ aránṣọ ni mo ń ṣe, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ní kí n bá àwọn yan èyí tó máa yẹ gbogbo wa.

Lẹ́yìn tí a yọ àwọn tí kò sẹ́ni tó dúró tì wọ́n, mẹ́rin ló kù. Èkínní dúdú, òbìrí pupa àti ìyeyè ràbàtà-ràbàtà ló wà lára rẹ̀. Èkejì funfun, alápàńdẹ̀dẹ̀ aláwọ̀ aró ń fò káàkiri lórí rẹ̀. Ọnà àtijọ́ ni, ọ̀pọ̀ ìyá ló mọ̀ ọ́n láti ìgbà ọmọdé wọn. Ẹ̀kẹta jẹ́ ewé wínníwínní, àwọ̀ eérú àti àwọ̀ ilẹ̀ ló fi ṣe ara. Ẹ̀kẹrin jẹ́ àwọ̀ ewé tó jìn, abẹ̀bẹ̀ kéékèèké aláwọ̀ ìyeyè ṣíṣókùnkùn ló wà lára rẹ̀, pẹ̀lú búlúù díẹ̀ ní etí abẹ̀bẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Nínú fọ́tò tí wọ́n kọ́kọ́ fi ránṣẹ́, òbìrí ló gba ojú gbogbo wa. Mọ̀mí Èkó nìkan ló ní alápàńdẹ̀dẹ̀ lòun fẹ́. Abẹ̀bẹ̀ dà bí aṣọ tó ti ṣá, kò sì sẹ́ni tó sọ ohunkóhun nípa rẹ̀.

Kí n tó dá sí i, mo sọ fún wọn pé a kò tíì lè fi fọ́tò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wé ara wọn, nítorí pé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni bí wọ́n ṣe ya ọ̀kọ̀ọ̀kan. Fọ́tò òbìrí kì í ṣe èyí tí ìyá aláṣọ yà fúnra rẹ̀. Láti ọwọ́ àwọn tó ṣe aṣọ náà ló ti wá, wọ́n sì ti tún un ṣe kí àwọ̀ rẹ̀ lè máa tàn. Inú oòrùn ni wọ́n ti ya alápàńdẹ̀dẹ̀. Ewé wínníwínní, wọ́n sún kámẹ́rà mọ́ ọn débi pé ewé mẹ́ta-mẹ́rin ló kún ojú fóònù. Abẹ̀bẹ̀ ní tirẹ̀, inú ṣọ́ọ̀bù lábẹ́ gílóòbù aláwọ̀ ìyeyè ni wọ́n ti yà á, ó ṣì wà ní kíká, gbogbo àwọ̀ rẹ̀ sì ti rọ lábẹ́ iná náà. Ẹni tó bá yan aṣọ nínú irú fọ́tò bẹ́ẹ̀, ìmọ́lẹ̀ àti ọwọ́ ẹni tó yà á ló yàn.

Mo pe ẹ̀gbọ́n mi. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ padà sí Gbági kí ẹ tún mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yà fún mi. Ìyá aláṣọ ní alápàńdẹ̀dẹ̀ náà, mo ti bi í." Mo wá ṣàlàyé bí mo ṣe fẹ́ ẹ. Fóònù kan ṣoṣo ni kí wọ́n fi ya gbogbo rẹ̀. Kí wọ́n tẹ́ aṣọ sílẹ̀ tó yáàdì kan, kì í ṣe kíká. Ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù ni kí wọ́n ti yà á, níbi tí ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán ti ń wọlé ṣùgbọ́n tí oòrùn kò kan aṣọ, kí wọ́n má sì tan fíláàṣì, nítorí àǹkárá tuntun máa ń dán, ibi tí fíláàṣì bá ti kọ lù ú á funfun ni. Kí wọ́n na tépù aránṣọ lé aṣọ lórí, kí wọ́n sì fi bébà funfun kan sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Bébà yẹn ni ẹlẹ́rìí. Bí bébà bá pọ́n tàbí tó ní àwọ̀ aró nínú fọ́tò, a mọ̀ pé fọ́tò náà ti yí àwọ̀ aṣọ padà, a sì mọ apá ibi tó yí i sí. Tépù wà níbẹ̀ kí n lè mọ bí ọnà ara aṣọ ṣe tóbi tó gan-an, torí fọ́tò kì í sọ ìyẹn fúnra rẹ̀. Mo tún ní kí wọ́n má fi ránṣẹ́ bí fọ́tò lásán lórí Wáàsáàpù, kí wọ́n lo `Document`, torí Wáàsáàpù máa ń fún fọ́tò pọ̀ kí ó lè tètè dé, ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ ló sì máa ń kọ́kọ́ bàjẹ́ nínú rẹ̀.

Nígbà tí fọ́tò tuntun dé, nǹkan ti yàtọ̀. Àwọ̀ ewé abẹ̀bẹ̀ jí. Pupa òbìrí kò tàn tó bí ti tẹ́lẹ̀ mọ́, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dà bí àwọ̀ osùn. Àwọn kan nínú ẹbí ò gbà pé aṣọ kan náà ni.

Ìtóbi ọnà ni mo kọ́kọ́ wò, torí ohun tó ń bàjẹ́ jù nínú aṣọ ẹbí nìyẹn. Tépù fi hàn pé òbìrí kan jẹ́ íǹṣì 11, ó tó àwo ìjẹun. Ìyá wa kò ga, ó sì sanra díẹ̀. Bí a bá tẹ́ bùbá rẹ̀ sílẹ̀, iwájú rẹ̀ fẹ̀ tó íǹṣì 24. Òbìrí méjì péré ló máa gba ibẹ̀, ibi tí wọ́n sì máa bọ́ sí ni orí ọyàn méjèèjì tàbí ọ̀kan gbàgà lórí ikùn. Aránṣọ tó mọṣẹ́ lè yẹ̀ ẹ́ sí ẹ̀gbẹ́, ṣùgbọ́n yóò fi aṣọ ṣòfò, torí gbogbo ìgbà tó bá fẹ́ kí òbìrí bára mu níbi ojú rírán, ó gbọ́dọ̀ sún aṣọ síwájú tó òbìrí kan. Fún ọmọ ọdún mẹ́rin, òbìrí kan péré ló máa wà níwájú gáùn rẹ̀, ẹni tó bá rí i kò ní mọ̀ pé aṣọ kan náà ni òun àti ìyá àgbà wọ̀. Ẹni gíga tó wọ agbádá nìkan ni irú ọnà bẹ́ẹ̀ máa ń yẹ láìsí wàhálà, torí aṣọ rẹ̀ fẹ̀ tó láti gbà á.

Ewé wínníwínní ní ìṣòro tirẹ̀ láti apá kejì. Ewé kan kò tó íǹṣì kan. Ó rẹwà tí a bá mú un sọ́wọ́, ṣùgbọ́n àwọn tó wà ní gbọ̀ngàn kò ní mú un sọ́wọ́. Mo ní kí gbogbo wa fi ìka dín fọ́tò kọ̀ọ̀kan kù lójú fóònù títí yóò fi tó èékánná àtàǹpàkò, torí bí aṣọ ṣe máa rí láti òdìkejì gbọ̀ngàn nìyẹn. Ewé náà pòórá pátápátá, ó di àwọ̀ eérú kan ṣoṣo. Lẹ́yìn náà mo sọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin di dúdú-àti-funfun, ohun tí ọ̀pọ̀ fóònù lè ṣe níbi tí a ti ń tún fọ́tò ṣe. Àwọ̀ méjèèjì tó wà lára aṣọ ewé di ọ̀kan náà. Àwọ̀ tó yàtọ̀ síra lójú lásán lè jẹ́ ẹgbẹ́ ní mímọ́ àti ṣíṣókùnkùn, bí ó bá sì rí bẹ́ẹ̀, kò sí ọnà tó máa hàn láti òkèèrè. Abẹ̀bẹ̀ ṣì hàn kedere nínú fọ́tò dúdú-àti-funfun. Ó jẹ́ íǹṣì mẹ́rin ní ìbú, èyí tó túmọ̀ sí pé márùn-ún tàbí mẹ́fà ló máa tò kọjá àyà ìyá wa, tí mẹ́ta sì máa wà níwájú gáùn ọmọdé. Ìyá àti ọmọ yóò jọra.

Ohun mìíràn tún mú aṣọ ewé kúrò. Mo ti ní kí ẹ̀gbọ́n mi ká igun aṣọ kọ̀ọ̀kan padà kí ẹ̀yìn rẹ̀ lè hàn, kí ó sì ya etí rẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń kọ orúkọ sí. Àǹkárá tí wọ́n fi ìda ṣe máa ń gba aró lójú méjèèjì, torí wọ́n ti fi ìda dí ọnà náà lójú àti lẹ́yìn kí wọ́n tó rì í sínú aró. Ẹ ó sì máa rí ìlà tẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́ níbi tí ìda ti sán. Èyí tí wọ́n kàn tẹ̀ ọnà sí lójú kan, ẹ̀yìn rẹ̀ máa ń ṣá. Ẹ̀yìn aṣọ ewé ṣá gan-an. Bí ó bá jẹ́ ṣẹ́ẹ̀tì tàbí gáùn nìkan la fẹ́ rán, ìyẹn kò burú, ẹ̀yìn kì í hàn níta. Ṣùgbọ́n àwa obìnrin fẹ́ wé gèlè láti ara aṣọ náà. Kò sí bí a ṣe máa wé gèlè tí ẹ̀yìn aṣọ kò ní yọjú níbi tí a bá ti ṣẹ́ ẹ, tí a sì yí i.

Ó wá ku alápàńdẹ̀dẹ̀ àti abẹ̀bẹ̀. Mọ̀mí Èkó kò fẹ́ gbọ́ ohunkóhun nípa abẹ̀bẹ̀. Wọ́n ní, "Alápàńdẹ̀dẹ̀ yìí la mọ̀ sí aṣọ àgbà, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi aṣọ ọmọdé wọ ẹ̀gbọ́n mi." Ọ̀rọ̀ wọn lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ẹyẹ náà kò tóbi jù, ó hàn láti òkèèrè, aṣọ náà sì jẹ́ ti ìda lójú méjèèjì. Ohun tí mo rí lára rẹ̀, aránṣọ nìkan ló lè tètè rí i: gbogbo ẹyẹ ọ̀hún ló ní orí lókè, ìrù nísàlẹ̀.

Mo ní, "Mọ̀mí, ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé." Bí a bá ró ìró, etí aṣọ kan máa wà ní ìbàdí, èkejì ní ìsàlẹ̀, gígùn aṣọ ló sì yí wa ká. Ẹyẹ dúró dáadáa lórí ìró nítorí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe yà á. Bùbá kì í rí bẹ́ẹ̀. A kì í rán èjìká bùbá. Ńṣe la ń ká aṣọ sí méjì, ibi tó ká ló di èjìká, a ó sì dá ọrùn sí i. Gígùn aṣọ ló ń ti iwájú gorí èjìká lọ sẹ́yìn. Nítorí náà ẹyẹ tó dúró lórí ìró yóò fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ lórí bùbá. Bí mo bá sì yí aṣọ kí ẹyẹ lè dúró níwájú, wọn yóò dorí kodò lẹ́yìn gbogbo wa, torí aṣọ ti gba èjìká kọjá. Àti pé fífẹ̀ àǹkárá kò ju nǹkan bí íǹṣì 46 lọ; bí mo bá ká ìyẹn sí méjì, bùbá á kúrú ju bí ìyá wa ṣe fẹ́ ẹ lọ. Ọ̀nà tó kù ni kí n gé èjìká kí n sì rán an, fún gbogbo obìnrin inú ẹbí, kí a sì ra aṣọ kún un. Abẹ̀bẹ̀ ní tirẹ̀ kọjú síhìn-ín kọjú sọ́hùn-ún, kò ní orí kan pàtó. Ibi yòówù tí a bá gbé e sí, ó dúró.

Mọ̀mí Èkó ní àwọn gbọ́, ṣùgbọ́n ojú ẹni ló ń wọ aṣọ, kí a fi sára kí àwọn rí i. Mo gbà pẹ̀lú wọn tọkàntọkàn, torí gbogbo ohun tí mo ti ń sọ, ara aṣọ ló dá lé. Ìyá aláṣọ gé yáàdì kan-kan fún wa lára méjèèjì. Ẹ̀gbọ́n mi gbé e lọ sílé, ó sì ya ènìyàn mẹ́ta lẹ́nu ọ̀nà kan náà, ní wákàtí kan náà: ìyá wa tí wọ́n dúdú dáadáa, ìyàwó ẹ̀gbọ́n wa tó pupa, àti àbúrò wa ọkùnrin tó wà láàárín. Aṣọ náà wà lórí èjìká wọn, ó kan ọrùn. Mo bẹ gbogbo ẹbí pé kí wọ́n má wo aṣọ, ojú ẹni ni kí wọ́n wò. Bí ojú rẹ bá kọ́kọ́ bọ́ sórí aṣọ kí ó tó dé ọ̀dọ̀ ènìyàn, aṣọ ti borí ẹni tó wọ̀ ọ́. Kí wọ́n wo abẹ́ ojú àti ẹ̀gbẹ́ ẹnu pẹ̀lú, bóyá òjìji ti jìn síbẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ.

Nínú fọ́tò alápàńdẹ̀dẹ̀, ìyàwó ẹ̀gbọ́n wa dára púpọ̀. Ti ìyá wa ló bani nínú jẹ́. Ojú wọn ṣókùnkùn, ẹ̀rín wọn kò hàn. Kì í ṣe pé funfun kò yẹ ẹni dúdú. Lójú lásán, ó yẹ wọ́n gan-an. Kámẹ́rà ló fà á. Kámẹ́rà fóònù máa ń wọn gbogbo ìmọ́lẹ̀ tó wà níwájú rẹ̀, ó sì máa ń wá agbedeméjì. Bí funfun bá pọ̀ nínú fọ́tò, ó máa dín ìmọ́lẹ̀ kù kí funfun náà má baà kọjá ààlà, ẹni tó bá dúdú nínú fọ́tò náà ni yóò sì pàdánù ìmọ́lẹ̀ tó dín kù. Ẹ wá ro ti ènìyàn tó lé ní 20 tí gbogbo wọn wọ funfun, tí wọ́n yí ìyá kan ká. Aṣọ dúdú kirikiri máa ń ṣe òdìkejì rẹ̀, kámẹ́rà á fi ìmọ́lẹ̀ kún un, ẹni pupa á sì funfun jù nínú fọ́tò. Àwọ̀ ewé abẹ̀bẹ̀ wà láàárín. Ojú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jáde nínú tirẹ̀, ìlà ẹ̀rín ìyá wa hàn, ìyeyè tó wà lára abẹ̀bẹ̀ sì mú kí ara wọn máa dán.

Ìyá wa wo fọ́tò tiwọn méjèèjì. Wọ́n ní, "Èmi ni mo wà nínú eléyìí. Ìyẹn ò jọ mí." Mọ̀mí Èkó kò tún jà mọ́.

Ohun tí fọ́tò kò lè sọ ṣì wà. Mo ní kí ẹ̀gbọ́n mi fi omi rin áńkáṣífù funfun, kí ó fi ra yáàdì abẹ̀bẹ̀ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ dáadáa. Àwọ̀ ewé díẹ̀ ló jáde, kò ju ti aṣọ tuntun lọ. Ó tún fi ọwọ́ fún aṣọ náà pọ̀ ó sì tú u, kí ó lè mọ̀ bóyá sítáàṣì nìkan ló mú un le. Aṣọ ṣì ní ara. Bí ó bá ti rọ bí omi lẹ́yìn ìfúnpọ̀, gèlè rẹ̀ kò bá má dúró.

A ra gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Èmi ló tẹnu mọ́ ọn, torí aṣọ tí ọnà rẹ̀ jẹ́ ọ̀kan náà ṣùgbọ́n tí wọn kò jọ pa láró, àwọ̀ rẹ̀ lè yàtọ̀, ẹni tó bá sì ra tirẹ̀ lẹ́yìn ló máa dá yàtọ̀ nínú fọ́tò. Ìyá aláṣọ to etí gbogbo wọn jọ lórí káńtà, ẹ̀gbọ́n mi wò wọ́n, ó rí méjì tí àwọ̀ ewé wọn fẹ́lẹ́ ju ti ìyókù lọ, wọ́n sì pààrọ̀ wọn fún un. Yáàdì 6 la ṣírò fún obìnrin kọ̀ọ̀kan, fún ìró, bùbá àti gèlè. Yáàdì 4 fún bùbá àti ṣòkòtò ọkùnrin. Yáàdì 2 fún ọmọdé. Ìyá wa nìkan kò wé gèlè aṣọ náà. Aṣọ òkè la wá fún wọn, a sì mú àwọ̀ rẹ̀ láti ara ìyeyè abẹ̀bẹ̀, kí wọ́n lè yàtọ̀ láàárín wa láìjìnnà sí wa.

Aránṣọ tó pín iṣẹ́ náà ju ẹyọ kan lọ, ìdí nìyẹn tí mo fi ránṣẹ́ kan náà sí gbogbo wọn. Kí ìlà abẹ̀bẹ̀ kan gba àárín gbùngbùn iwájú bùbá kọjá, láti abẹ́ ọrùn wá sísàlẹ̀. Bí àárín bá ti gún, ẹ̀gbẹ́ méjèèjì á bára wọn mu fúnra wọn. Kí wọ́n fi fọ́tò ránṣẹ́ sí mi kí wọ́n tó gé e, pẹ̀lú aṣọ ní títẹ́ àti ṣọ́ọ̀kì tí wọ́n fi sàmì sí i. Mo dá méjì padà níbi tí abẹ̀bẹ̀ ti yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, kí síọ́sì tó kàn án.

Lọ́jọ́ ayẹyẹ, iná gbọ̀ngàn tó máa ń yí àwọ̀ ni wọ́n tàn, elésè àlùkò àti pupa. Lábẹ́ irú iná bẹ́ẹ̀, àwọ̀ ewé máa ń dúdú, torí kò sí àwọ̀ ewé nínú ìmọ́lẹ̀ náà tí aṣọ lè dá padà. Mo ti sọ fún ẹ̀gbọ́n mi ṣáájú, òun náà sì ti bá ayàwòrán sọ ọ́. Ní nǹkan bí aago mẹ́wàá àárọ̀, kí àlejò tó máa dé, gbogbo wa ti tò sí abẹ́ òjìji ilé ní ẹ̀yìn gbọ̀ngàn. Ìyá wa jókòó láàárín, àwọn ọmọ-ọmọ wà níwájú, ibẹ̀ la sì ti ya fọ́tò ẹbí.